Ìgbálẹ̀ 100, igun mẹ́ta 39, ìwé sì ní 1/4 ni

Àǹtí_Lẹ́sìnnì
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìwé àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìnnì ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta béèrè pé bí a bá ṣẹ́ ọ̀pá kan níbi méjì, tí a kò mọ̀ọ́mọ̀ yan ibi tí a ṣẹ́, kí ni ìṣeéṣe pé ègé mẹ́ta náà á ṣe é tò di igun mẹ́ta? Ẹ̀yìn ìwé ní 1/4 ni. Mo ra ìgbálẹ̀ ní ọjà Òyìngbò, mo gé 100 ẹyọ rẹ̀ sí 60 sẹ̀ǹtímítà, àwọn ọmọ sì ṣẹ́ gbogbo rẹ̀. 39 ló di igun mẹ́ta. Ṣé ìwé ló ṣì í ni àbí àwa?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ìdajì ló yẹ kó jẹ́. Ẹ fojú inú wo àárín ọ̀pá yẹn, níbi 30. Bí ojú méjèèjì tí ẹ ṣẹ́ bá wà lápá ọ̀tún àárín, ègé apá òsì á gùn ju 30 lọ, àwọn méjì tó kù kò ní lè ká a. Bí méjèèjì bá wà lápá òsì, bákan náà. Ó di dandan kí ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, kí èkejì wà lósì. Ìyẹn sì jẹ́ ìdajì, bí ìgbà tí èèyàn bá ju owó ẹyọ méjì sókè tí ọ̀kan yí orí, tí èkejì yí ìrù. Ó ṣe tán.

Kápẹ́ńtà_Mushin
Ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣẹ́ ọwọ́ mi kún un. Mo ti ń kan férémù òrùlé láti ọdún pípẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí igun mẹ́ta yín dúró dáadáa, ẹ má ṣẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ mú pákó tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹ wọn 3, ẹ gé e, ẹ wọn 4, ẹ gé e, èyí tó kù á jẹ́ 5. Igun tó wà láàárín 3 àti 4 á gún régé, ẹ kò tiẹ̀ nílò súkúyà. Ẹ kàn rántí pé ayùn máa ń jẹ díẹ̀ lára igi níbi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gé, nítorí náà ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ mi lẹ́kún ni pé wọ́n á gé ọ̀kan gùn jù. Bí ẹyọ kan bá ti gùn tó méjì yòókù lápapọ̀, ẹnu wọn kò ní pàdé, ẹ ì báà fi ìṣó 100 kàn án. Wọ́n á kàn sùn lé ara wọn lórí ni.

Bàbá_Yábàá
Kápẹ́ńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí ò béèrè bí a ṣe ń gé igun tó gún régé, ṣùgbọ́n gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ẹnu wọn kò ní pàdé bí ẹyọ kan bá tó méjì yòókù lápapọ̀. Lórí ìgbálẹ̀ 60, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ègé tó gbọ́dọ̀ tó 30. Ohun kan ṣoṣo tí a óò máa wò nìyẹn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, o ti rin ìdajì ọ̀nà. Òótọ́ ni pé ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n wò ó, jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sí 5, kí èkejì bọ́ sí 50. Apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Báwo ni ègé àárín ṣe gùn tó?

Àǹtí, kí n tó sọ̀rọ̀ lórí 39 yẹn, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ṣẹ́ ìgbálẹ̀ sí méjì, èwo nínú méjèèjì ló ń mú ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó
45. Háà. Bàbá, mo gbà. Mo gbàgbé ti àárín.

Àǹtí_Lẹ́sìnnì
Bàbá, ẹ ṣeun. Èyí tó gùn ni wọ́n ń mú. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa mú un, torí èyí tó kúrú máa ń kéré débi pé kò ṣe é dì mú. Ọmọ kan ṣẹ́ tiẹ̀ kù bí ìka àtàǹpàkò, ó wá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé kóun fi eyín gé e ni.

Bàbá_Yábàá
Ibẹ̀ ni mo rò pé ó wà. Ìwé kò ṣì í, ẹ̀yin náà kò sì ka iye yín ní àkàṣì. Ìbéèrè méjì ni, ẹ̀yin ṣe èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ti ìwé. Nínú ìwé, a máa fi àmì sí ojú méjì lórí ìgbálẹ̀ kí a tó ṣẹ́ ohunkóhun, àmì kan kò sì mọ ibi tí èkejì wà. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni nǹkan fi lè bàjẹ́: kí ègé òsì tó 30, kí ti ọ̀tún tó 30, tàbí kí ti àárín tó 30. Kí ti òsì tó lè tó 30, àmì méjèèjì gbọ́dọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, ìdajì lọ́nà ìdajì, ìyẹn 1/4. Ti ọ̀tún náà, 1/4.

Ti àárín ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Ẹ mú okùn ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí wọ́n ti so pọ̀, tó yí ká. Ẹ fi àmì mẹ́ta sí i bí ọwọ́ bá ṣe bà á. Àlàfo mẹ́ta ló wà láàárín àwọn àmì náà, kò sì sí èyí tó ní ẹ̀tọ́ ju èkejì lọ, torí òbìrípo kò ní orí, kò ní ìdí. Ẹ wá já okùn náà níbi àmì kan, ẹ tẹ́ ẹ gbọọrọ. Ọ̀pá yín ló dé yẹn, pẹ̀lú àmì méjì lára rẹ̀. Àlàfo tó di ègé àárín, ọ̀kan náà ni òun àtàwọn tó di òsì àti ọ̀tún. Nítorí náà bí òsì bá ń ba nǹkan jẹ́ ní 1/4, àárín náà á ba nǹkan jẹ́ ní 1/4.

Ègé méjì kò sì lè jùmọ̀ ju 30 lọ nínú 60. Ìbàjẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pàdé ara wọn rárá, ẹ kàn rò wọ́n pọ̀: 3/4. Èyí tó kù ni 1/4.

Ìyá_Ìbejì
Bàbá, mo ka ti ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tèmi méjèèjì jókòó ti rúlà wọn nílé níbí ní Súrùlérè, rúlà íǹṣì 12. Mo ní kí wọ́n kọ gbogbo ọ̀nà tí a fi lè gé e lójú íǹṣì méjì, ká má fi ìdajì íǹṣì kún un. Ojú 11 ló wà, méjì-méjì tí a lè mú nínú wọn sì jẹ́ 55. Nínú 55, 10 péré ló di igun mẹ́ta: 4-4-4 ẹ̀ẹ̀kan, 2-5-5 ẹ̀ẹ̀mẹta bí a bá yí ipò wọn padà, àti 3-4-5 ẹ̀ẹ̀mẹfà. Kápẹ́ńtà, tiyín yẹn wà níbẹ̀! 10 nínú 55 kò tó 1/4, kò tilẹ̀ tó 1/5. Ibo ni a ti ṣìnà?

Bàbá_Yábàá
Ẹ ò ṣìnà, Ìyá Ìbejì, àwọn ọmọ yẹn kà á dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé rúlà 12 ní ojú 6 gan-an ní àárín rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ègé kan bá jẹ́ 6 géérégé, bí 6-5-1 tàbí 6-3-3, yóò sùn gbalaja bí Kápẹ́ńtà ṣe wí, ẹ ó sì kà á mọ́ àwọn tó bàjẹ́. Lórí rúlà kékeré, irú wọn pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ti 13, níbi tí àárín kò bọ́ sójú íǹṣì kankan. Wọ́n á rí 21 nínú 66, èyí tó ju 1/4 lọ dáadáa.

Bí ẹ bá wá pín ọ̀pá sí 100, á jẹ́ 1176 nínú 4851, nǹkan bí 24 nínú 100. Bí ìdá náà bá ṣe ń wẹ́wẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ju 1/4 lọ àti èyí tí kò tó o á máa sún mọ́ 1/4. Ọ̀nà tí àwọn ìbejì yín gbà yìí kì í ṣe ọ̀nà ọmọdé rárá. Émile Lemoine, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba irú ọ̀nà yìí nígbà tó kọ̀wé lórí ìbéèrè náà ní 1873: ó pín ọ̀pá sí ìdá tó dọ́gba, ó kà á, ó wá jẹ́ kí ìdá náà pọ̀ láìlópin.

Ṣadé_Kọ̀ǹpútà
Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì láti Yábàá dé CMS, mo sì ń kọ èyí bọ̀ lórí fóònù. Ó ṣe méjèèjì pa pọ̀, `ami` ni ti ìwé, `gun` ni ti Àǹtí.

```python
import random

def meta(a, b, c):
    return max(a, b, c) < 0.5

n = 100000
ami = gun = 0
for _ in range(n):
    x, y = sorted((random.random(), random.random()))
    ami += meta(x, y - x, 1 - y)
    s = random.random()
    g = max(s, 1 - s)
    t = random.random() * g
    gun += meta(1 - g, t, g - t)
print(ami / n, gun / n)
```

Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Èkíní kì í kúrò lẹ́bàá 0.25, èkejì kì í kúrò lẹ́bàá 0.386. Nítorí náà 39 tí Àǹtí rí bára mu pẹ̀lú èkejì. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí ìyàtọ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ojú méjì náà ni wọ́n ṣáà ṣẹ́.

Bàbá_Yábàá
Ṣadé, o ṣeun ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká mú ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo, ká rọra wò ó.

Ká ní ojú àkọ́kọ́ bọ́ sí 24. Ègé kan jẹ́ 24, èkejì jẹ́ 36. Kí igun mẹ́ta tó lè jáde, 36 yẹn la gbọ́dọ̀ ṣẹ́, ibi tí a ó sì ti ṣẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wà láàárín 6 àti 30 lórí rẹ̀, kí èyíkéyìí má bàa tó 30. Láti 6 dé 30, 24 nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé 24 yìí dọ́gba pẹ̀lú ègé kúkúrú. Kì í ṣe èèṣì, bí ó ṣe máa ń rí nígbà gbogbo nìyẹn.

Nínú ti ìwé, àmì kejì lè bọ́ sí ibikíbi lórí 60. Ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ 24 nínú 60. Ó lè bọ́ sórí ègé kúkúrú, bó bá sì bọ́ síbẹ̀, 36 ṣì wà lódidi, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Nínú ti Àǹtí, ọmọ kò lè bọ́ sórí ègé kúkúrú láé, torí èyí tó gùn la ní kó mú. Nítorí náà 24 nínú 36 ni, ìyẹn 2/3. Ìgbálẹ̀ kan náà, ojú àkọ́kọ́ kan náà, ṣùgbọ́n 40 nínú 100 ti di 67 nínú 100. Àǹtí ti bá wọn yọ ọ̀nà ìbàjẹ́ kan kúrò láìmọ̀.

Ẹ wo ìhà kejì. Bí ojú àkọ́kọ́ bá bọ́ sí 6, tó ku 54, 6 nínú 60 ni ti ìwé, 6 nínú 54 ni ti Àǹtí. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan níbẹ̀.

Ẹ̀bùn kékeré kan tún wà nínú rẹ̀. Bí ti ìwé bá ń jẹ́ ègé kúkúrú nínú 60 nígbà gbogbo, a kàn nílò láti mọ bí ègé kúkúrú ṣe ń gùn tó ní ìpíndọ́gba. Ó wà láàárín 0 àti 30, kò sì fẹ́ràn ibì kan ju ibì kan lọ. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 15. 15 nínú 60, 1/4 tún ti dé láti ọ̀nà mìíràn. Ti Àǹtí kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí ohun tí a fi ń pín ń yí padà pẹ̀lú ègé tó gùn. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, `2 ln 2 - 1` ló ń jáde, ìyẹn 0.386 tí Ṣadé rí.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó
Bàbá, bí wọn ò bá wá mú èyí tó gùn ńkọ́? Ká ní ẹnì kan ju owó ẹyọ láti mọ ègé tó máa ṣẹ́.

Bàbá_Yábàá
Ìdajì ìgbà ni wọ́n á mú èyí tó kúrú, kò sì sí igun mẹ́ta kankan níbẹ̀. Nítorí náà ìdajì 0.386 ni, nǹkan bí 19 nínú 100. O rí i pé gbólóhùn kan náà, "ṣẹ́ ọ̀pá níbi méjì", lè fún wa ní 19, 25 tàbí 39. Ẹni tó bá kọ ìbéèrè yìí láìsọ bí a ṣe ṣẹ́ ẹ kò tíì kọ ìbéèrè tán.

Kápẹ́ńtà_Mushin
Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dára, ó sì yé mi wàyí pé kì í ṣe gígé ni Àǹtí ń béèrè. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn nínú 39 yìí. Ẹ ní kí ọmọdé di igi mú, kó ṣẹ́ ẹ. Ọwọ́ méjì ló máa fi dì í mú ní ìkángun méjèèjì, á sì tẹ̀ ẹ́. Níbo ló máa kán? Àárín ni, tàbí ẹ̀bá àárín. Èmi ò rí igi tí wọ́n tẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó kán sí ìkángun, àfi tí kókó tàbí ìdin bá wà níbẹ̀. Nítorí náà báwo ni ti àwọn ọmọ yẹn ṣe wá bá ti kọ̀ǹpútà mu, tí kọ̀ǹpútà ń ṣẹ́ ẹ níbi gbogbo bákan náà?

Bàbá_Yábàá
Kápẹ́ńtà, ẹ mú mi. Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì yára jù nígbà tí mo rí 39.

Mo ti fi ìwé ṣe é. Ká ní gbogbo ojú àkọ́kọ́ ń bọ́ sáàárín 20 àti 40, tí wọn ò lọ sí ìkángun rárá, ká sì fi ojú kejì sílẹ̀ kó bọ́ bó ṣe wù ú lórí ègé tó gùn. Igun mẹ́ta á jáde ní nǹkan bí 73 nínú 100. Bí ojú kejì náà bá tún ń wá àárín, á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá ń ṣẹ́ nǹkan lágbedeméjì bí ẹ ṣe sọ, iye Àǹtí ì bá ti pọ̀ ju 39 lọ fíìfíì. Ohun kan ti ń fà á sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé àṣìṣe méjì ló pa ara wọn.

Ìyá_Ìbejì
Àǹtí, ìgbálẹ̀ kì í rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ o. Ìdí rẹ̀ nípọn, orí rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Tí mo bá ń gbálẹ̀, orí ló ń kán.

Àǹtí_Lẹ́sìnnì
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, èyí ni mo lọ wò. Lónìí mo fún àwọn ọmọ ní 20 ẹyọ, mo ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì fi rúlà wọn ibi tó ti kán láti ìdí rẹ̀. Mo ń retí pé yóò kó jọ sí 30. Kò rí bẹ́ẹ̀. 7 nínú wọn kán lẹ́yìn 45, níbi orí tín-ín-rín yẹn. 3 péré ló kán ṣáájú 15. Àwọn tó kù wà káàkiri àárín. Ìyá Ìbejì ló tọ̀nà.

Mo wá ṣe ti ìwé gan-an. Mo gbé ìgbálẹ̀ 100 mìíràn kalẹ̀. Ọmọ kan á fa nọ́ńbà méjì láti inú àpò tí mo ko ìwé kéékèèké láti 1 dé 59 sí, á dá àkọ́kọ́ padà kó tó fa èkejì, ọmọ mìíràn á sì fi ṣísọ́ọ̀sì gé ìgbálẹ̀ lójú nọ́ńbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni nọ́ńbà kan náà jáde lẹ́ẹ̀mejì, a tún un fà. 22 ló di igun mẹ́ta.

Bàbá_Yábàá
22 dára. Àpò yín kò ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà, 60 sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí àárín rẹ̀ bọ́ sójú, nítorí náà 406 nínú 1711 ni ẹ ń bá figagbága, kò tó 24 nínú 100. Nínú 100 ìgbálẹ̀, kí ó fi bíi 4 lé tàbí dín kì í ṣe ohun ìyanu rárá. 39 lórí ti ìwé ló jẹ́ ìyanu, torí ó fi 14 ju 25 lọ.

Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ àwọn ọmọ, 20 kéré láti fi mọ bí ìgbálẹ̀ ṣe ń kán. Ẹ bá mi ṣẹ́ 100, kí ẹ kọ ojú àkọ́kọ́ àti ojú kejì sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má mú ìgbálẹ̀ fún ìyẹn, ẹ lo nǹkan tó nípọn bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Kápẹ́ńtà_Mushin
Àǹtí, mo ní àjẹkù pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo lè fi ẹ̀rọ là á sí wẹ́wẹ́ kó nípọn bákan náà. Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́. Mi ò ní gba owó, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ wọ nǹkan sójú kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ, torí pákó gbígbẹ máa ń ta ègé.

Àǹtí_Lẹ́sìnnì
Ẹ ṣeun gan-an, Kápẹ́ńtà. 100, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60. Mo ń bọ̀ ní Mushin ní ọjọ́ Sátidé.